Státímẹ́ǹtì wálẹ́ẹ̀tì àti búkù risíìtì àdìrẹ

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará ilé, ìyá mi ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, orí wálẹ́ẹ̀tì fóònù ni kọ́sítọ́mà ń sanwó sí. Ṣé a lè fi státímẹ́ǹtì ẹ̀ ṣe ẹ̀rí owó tó ń wọlé fún wọn, torí físà?"

Ó ṣeé ṣe ẹ̀gbọ́n, àmọ́ tó bá jẹ́ ti báńkì ni àwọn ẹ́ḿbásì kọ pé àwọn ń fẹ́, ẹ fi ti báńkì màmá kún un. Kí wọ́n gba ti oṣù mẹ́fà nínú áàpù, kó wọ íméèlì ní PDF, ẹ má ya fọ́tò ojú fóònù o.

Àròpọ̀ owó tó wọlé tí wọ́n kọ sókè státímẹ́ǹtì yẹn, ẹ má gbé e sínú lẹ́tà tí ẹ máa kọ mọ́ ọn. Èmi àti àǹtí mi tí àwọn náà ń ta àdìrẹ jókòó ti státímẹ́ǹtì tiwọn nínú ṣọ́ọ̀bù, oṣù kan péré, 612,000 náírà ló wọlé. A mú bírò pupa. 150,000 jẹ́ owó tí ọmọ wọn fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, 80,000 àwọn fúnra wọn ló gbé e wá látinú báńkì wọn, 32,000 jẹ́ owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ tí kò lọ, tó padà wá. Ó ku 350,000, ìyẹn lowó ọjà. Tí áàpù bá sì ń gbé owó lọ síbi ìfowópamọ́ fúnra ẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá ti padà wá ló máa dà bí owó tuntun, ẹ fa ìlà sí i.

A wá mú búkù risíìtì. Iye owó nìkan ò tó, torí èèyàn mẹ́ta lè san 15,000 lọ́jọ́ kan náà, ìyàwó sì lè rajà kó jẹ́ ọkọ ló máa sanwó, orúkọ ò ní bára mu. Ohun tá a ṣe ni pé a tẹ ìsanwó kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, a wo Session ID, a kọ nọ́ńbà mẹ́fà tó gbẹ̀yìn sára risíìtì. Ẹnì kan ra 45,000, ó san 30,000 ní Mọ́ńdè, ó san 15,000 ní Fúráìdè, risíìtì kan ni, a kọ nọ́ńbà méjèèjì sí i.

280,000 ló rí risíìtì tiẹ̀, 70,000 ò rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí màmá kọ risíìtì tuntun kí wọ́n fi ọjọ́ àtijọ́ sí i, nọ́ńbà inú búkù ló máa tú u, risíìtì oṣù kẹta ò lè wà lẹ́yìn ti oṣù kẹfà. Ẹ sọ ọ́ nínú lẹ́tà pé kò sí risíìtì fún ìyẹn.

350,000 yẹn náà kì í ṣe owó tó ń wọlé fún wọn o, aṣọ funfun, aró àti kọ́sítíìkì gba 190,000 níbẹ̀, risíìtì ibi tí wọ́n ti rà wọ́n la fi bá owó tó jáde mu. 160,000 la kọ sílẹ̀ pé ó jẹ́ èrè oṣù yẹn. Ohun tí ẹ̀rọ píóéèsì ń tẹ̀ sórí bébà kékeré sì máa ń pa rẹ́, ẹ ní kí wọ́n ṣe fọ́tókọ́pì ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti gbà á.