Kànga tó di ẹrẹ̀ lẹ́yìn òjò: ẹ kó ẹrẹ̀ kúrò kí ẹ tó da oògùn sí i

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará. Ìyàrá ni mo wà. Kànga tí a fọwọ́ gbẹ́ sí àgbàlá wa ti di ẹrẹ̀ látìgbà tí òjò ńlá rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹnì kan ní kí n da álọ́ọ̀mù àti kílóríìnì sí i pa pọ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ ìwọ̀n tí màá dà?"

Òkun o, ará Ìyàrá. Ẹ má tíì da nǹkan kan sí i. Irú ìmọ̀ràn tí wọ́n fún yín yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ìyá mi.

Kàbà ni àwa wà. Nígbà tí omi kànga wa pọ́n bẹ́ẹ̀, ọ̀gá wolé-wolé kan wá, ó gbé ìyẹ̀fun kílóríìnì wá nínú ọ̀rá. Kò wọn kànga, kò béèrè bí omi ṣe jìn tó. Ó bù ú dà sínú ẹrẹ̀ yẹn, ó ní tó bá di ọjọ́ kejì ká máa mu ún. Lálẹ́, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. Ilẹ̀ mọ́, òórùn ti lọ pátápátá, gbogbo wa sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ọmọ àbúrò mi ni ìgbẹ́ gbuuru kọ́kọ́ mú, ìyá mi tẹ̀ lé e. Agbára ìyá yìí tán débi pé wọn kò lè dá jókòó, dírípù ni wọ́n fi gbà wọ́n là. Nígbà tí mo lọ bá ọ̀gá yìí, ó ní ó yẹ ká ti se omi náà. Kò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó da oògùn. Inú mi ṣì ń ru tí mo bá rántí.

Ohun tó yẹ kó sọ ni pé ohunkóhun tó bá dọ̀tí nínú omi ni kílóríìnì máa ń bá jà: ewé jíjẹrà, ìgbẹ́ ewúrẹ́, ẹrẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdọ̀tí á jẹ ẹ́ tán kó tó kan kòkòrò tó ń fa àìsàn, àwọn kòkòrò mìíràn á sì sá pamọ́ sáàárín ẹrẹ̀ níbi tí oògùn kò dé. Òórùn tó lọ kí ilẹ̀ tó mọ́ yẹn, àmì pé oògùn ti tán lórí ẹrẹ̀ ni.

Álọ́ọ̀mù ní tirẹ̀, inú báàkẹ́ẹ̀tì ló ti wúlò. Ó máa ń kó ẹrẹ̀ jọ, á jẹ́ kó rì, ẹ̀yin á wá rọra da omi tó mọ́ lókè sínú ìkòkò, ẹ sè é kó hó dáadáa kí ẹ tó mu ún. Tí ẹ bá dà á sínú kànga, ìsàlẹ̀ ni ẹrẹ̀ yẹn máa jókòó sí, gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì ju ìfami sí i ló máa tún rú sókè. Omi báàkẹ́ẹ̀tì tí ẹ sè yìí ni kí ẹ máa mu títí tí iṣẹ́ kànga á fi parí.

Kí ẹ tó fa omi jáde, ẹ wá ibi tí ẹrẹ̀ ń gbà wọlé. Ní ọ̀sán, ẹ fi dígí darí ìmọ́lẹ̀ oòrùn sínú kànga, kí ẹ wo ara ògiri. Tí ẹ bá rí ipa ẹrẹ̀ pupa tó ń ṣàn wálẹ̀ láàárín ríìngì méjì, tàbí láti abẹ́ ẹnu kànga, omi òjò orí ilẹ̀ ló ń wọlé níbẹ̀. Tí ògiri bá mọ́ ṣùgbọ́n tí omi ń rú nígbà tí ẹ bá ń fà á, ìsàlẹ̀ ló ti kún fún ẹrẹ̀.

Ẹ má fa kànga tí kò ní ríìngì gbẹ nígbà tí òjò ń rọ̀ gidigidi. Ilẹ̀ tó mu omi yó máa ń wúwo, omi inú kànga wà lára ohun tó ń gbé ògiri dúró. Tí ẹ bá fà á tán lójijì, ògiri lè ya lu ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ẹ dúró kí òjò dá, kí ilẹ̀ gbẹ díẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ ni ẹ̀rọ afami oníbẹntiróòlù. Tí omi bá ti jìn ju nǹkan bíi mítà 7 lọ, ẹ̀rọ tó wà lókè kì í lè fà á mọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gbé e sọ̀kalẹ̀ sínú kànga. Ẹ má gbà fún wọn láé! Èéfín rẹ̀ kò ríbi jáde, èyí tó sì ń pa ènìyàn nínú rẹ̀ kò ní òórùn. Ẹni tó wọlé á kàn ṣubú ni, ẹni tó bá wọlé láti gbà á náà á ṣubú. Àwọn agbẹ́kànga máa ń sọ àbẹ́là tó ń jó sísàlẹ̀ láti wò ó. Àbẹ́là tó kú ń sọ pé afẹ́fẹ́ kò tó, ṣùgbọ́n àbẹ́là tó ṣì ń jó kò fi hàn pé kò sí èéfín ẹ̀rọ níbẹ̀. Okùn gbọ́dọ̀ wà lára ẹni tó ń wọlé, ènìyàn méjì tó lágbára sì gbọ́dọ̀ di okùn náà mú lókè.

Èyí tó kù, agbẹ́kànga mọ̀ ọ́n: ẹ fa omi, ẹ kó ẹrẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ògiri, kí bíríkìlà fi símẹ́ǹtì dí ojú tó ń jò, kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ ti fọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi tuntun sun. Ẹ bù ú sínú báàkẹ́ẹ̀tì funfun, kí ẹ ju owó wẹ́wẹ́ sí i. Tí ẹ kò bá rí owó náà kedere nísàlẹ̀, ẹ tún fà á dànù.

Ó wá kan ìwọ̀n. Ká ní kànga yín fẹ̀ tó mítà 1, tí ẹ so òkúta mọ́ okùn, tí omi sì tó mítà 3. Ìdajì fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.5. Ẹ sọ 0.5 di ìlọ́po 0.5, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.14, lẹ́yìn náà ìlọ́po 3: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2.4, ìyẹn lítà 2,400. Fún lítà 1,000 omi, ẹ nílò nǹkan bíi gíráàmù 75 ìyẹ̀fun kílóríìnì tó jẹ́ ìdá 70 nínú 100, tàbí lítà 1 àtààbọ̀ jíìkì tí kò ní lọ́fínńdà, tí wọ́n kọ 3.5 sí lára. Fún kànga yìí, ó jẹ́ gíráàmù 180 ìyẹ̀fun, tàbí lítà 3 àtààbọ̀ jíìkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọjà, torí èyí tó ti pẹ́ lórí àtẹ kì í lágbára mọ́.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi nínú báàkẹ́ẹ̀tì oníke, ẹ má fi oògùn ìfọ-ṣalangá kankan kún un, èéfín olóró ló máa yọ. Ẹ jẹ́ kó tòrò, kí ẹ da omi orí rẹ̀ yí ògiri ká, kí ẹ sì máa fami kí ẹ máa dà á padà kó lè pò pọ̀. Ẹ bò ó mọ́jú, ó kéré tán wákàtí 12, kí ẹnikẹ́ni má fà á. Tí ilẹ̀ bá mọ́ tí òórùn kílóríìnì ṣì wà, oògùn ṣiṣẹ́. Tí kò bá sí mọ́, ìdọ̀tí ṣì wà níbẹ̀, ẹ tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá fà á títí òórùn á fi lọ, ẹ má dà á sí odò tàbí oko ẹ̀fọ́.

Kílóríìnì kò ní dí ojú tí omi òjò ń gbà wọlé. Ẹ ní kí bíríkìlà ta símẹ́ǹtì yí ẹnu kànga ká, kó fẹ̀ tó mítà 1 ó kéré tán, kó dà gẹ̀rẹ́ sẹ́yìn. Bí ṣalangá tàbí sokawéè bá wà lókè kànga láàárín mítà 30, ẹ máa se omi mímu yín lọ títí, bí kànga náà ti wù kó mọ́ tó. Báwo ni ṣalangá yín ṣe jìnnà sí i?