Sílífà náítíréètì yín kò bàjẹ́: ásíìdì tẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sí i ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò ìwé mẹ́wàá ní kẹ́mísírì. Gbogbo iyọ̀ àdàlù tí a bá dán wò, kiloráìdì ló ń fara hàn níbẹ̀, títí kan èyí tí mo fọwọ́ ara mi pò tí mi ò fi kiloráìdì kankan sí. Ásíìdì haidirokílọ́ríìkì la fi ń kọ́kọ́ lé kábọ́néètì kúrò, lẹ́yìn náà báríọ̀mù kiloráìdì fún sọ́féètì, ká tó wá kan sílífà náítíréètì fún kiloráìdì. Mo rò pé ayédèrú sílífà náítíréètì ni wọ́n tà fún wa. Níbo la ti lè rí ojúlówó rà ní Ìbàdàn? Olùkọ́, Mọ́níyà.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra òmíràn o, màdáàmù. Sílífà náítíréètì kì í ṣe ọjà olówó pọ́ọ́kú, èyí tó wà lọ́wọ́ yín sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Kiloráìdì tẹ́ ẹ ń rí, ó wà nínú túùbù yẹn lóòótọ́. Ẹ̀yin lẹ fi sí i.

Ẹ wo ohun tó wà lára ìgò ásíìdì yẹn: HCl. Ẹ tún wo ti báríọ̀mù tẹ́ ẹ lò tẹ̀ lé e: BaCl2. Kiloráìdì wà nínú àwọn méjèèjì. Kẹ́ ẹ tó gbé sílífà náítíréètì dé ibẹ̀, ẹ ti bu kiloráìdì sínú túùbù náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó dà bí ẹni tó bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ tán, tó wá ń tọ́ ọ wò bóyá ọbẹ̀ náà níyọ̀. Kò sí iyọ̀ àdàlù kan láyé yìí tí kò ní “ní kiloráìdì” bẹ́ ẹ bá dán an wò báyẹn.

Àwọn kan máa sọ pé, “Ṣebí ẹ̀kán díẹ̀ ni.” Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀kán kan péré. Ẹ̀kán kan ásíìdì haidirokílọ́ríìkì tó jẹ́ mólà 2 máa ń gbé kiloráìdì tó tó mílígíráàmù mẹ́ta ààbọ̀ wọlé. Bí omi inú túùbù bá jẹ́ mílílítà 10, ìyẹn ti di nǹkan bíi mílígíráàmù 350 nínú lítà kan. Mílígíráàmù mélòó kan péré nínú lítà kan ti tó kí sílífà náítíréètì mú kí omi ṣú. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ásíìdì pọ̀ jù. Ásíìdì yẹn kò gbọdọ̀ kan túùbù náà rárá.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti ń wá, ó sì ń bí mi nínú. Ìwé kò ṣì yín lọ́nà. Ìwé sọ pé kéèyàn fi ásíìdì haidirokílọ́ríìkì àti báríọ̀mù kiloráìdì dán sọ́féètì wò, òótọ́ sì ni, bó bá jẹ́ sọ́féètì nìkan lẹ fẹ́ mọ̀, nínú túùbù tirẹ̀ lọ́tọ̀, tẹ́ ẹ ó sì da túùbù náà nù lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń ta pépà àkọ́sórí fún àwọn ọmọ ní ẹnu ọ̀nà ibi ìdánwò ló ká ìlà mẹ́ta inú ìwé pọ̀ di ẹyọ kan, tí wọ́n sọ ọ́ di pé inú túùbù kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ tó há a sórí báyẹn á kọ “kiloráìdì wà” sínú ìwé rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Lọ́jọ́ tí wọn ò bá fi kiloráìdì sínú iyọ̀ ìdánwò, yóò pàdánù máàkì, kò sì ní mọ ohun tó ṣe é.

Àwọn míì á ní kí wọ́n kúkú yọ ásíìdì kúrò. Ìyẹn náà kò dáa. Kábọ́néètì máa ń bá báríọ̀mù di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun, ó sì máa ń bá sílífà náà ṣe gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó funfun díẹ̀, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bí kábọ́néètì bá wà níbẹ̀, á máa pe ara rẹ̀ ní sọ́féètì, á tún máa pe ara rẹ̀ ní kiloráìdì. A nílò ásíìdì láti lé e lọ. Ásíìdì náítíríìkì ni kẹ́ ẹ lò, èyí tí wọ́n kọ HNO3 sí lára. Kò ní kiloráìdì nínú, kò ní sọ́féètì nínú, náítíréètì tó ń fi sílẹ̀ kì í sì í bá báríọ̀mù tàbí sílífà di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nínú irú omi táa ń lò yìí. Fún ìdí kan náà, báríọ̀mù náítíréètì ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò báríọ̀mù kiloráìdì. Ohun tẹ́ ẹ máa rà nìyẹn o, kì í ṣe sílífà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é pọ̀ lórí àdàlù tá a mọ ohun tó wà nínú rẹ̀: sódíọ̀mù kábọ́néètì, sódíọ̀mù sọ́féètì àti iyọ̀ ọbẹ̀, ìwọ̀n kan náà. Ẹ bu ìdajì gíráàmù rẹ̀ sínú túùbù gbígbẹ. Ara iyọ̀ gbígbẹ ni kẹ́ ẹ ti wá kábọ́néètì, torí bó bá ti yòrò sínú omi púpọ̀, híhó rẹ̀ lè má hàn dáadáa. Ẹ kán ásíìdì náítíríìkì mólà 2 lé e lórí, kẹ́ ẹ sì yára fi ìdérí tó ní rọ́bà dé e, kí gáàsì rẹ̀ gba inú rọ́bà lọ sínú omi láìmù. Iyọ̀ náà á hó ṣùù, omi láìmù á ṣú funfun. Kábọ́néètì wà. Bí gáàsì bá ń wọlé fún ìgbà pípẹ́, omi láìmù á tún padà mọ́, kí àwọn ọmọ má rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn o: bó bá ń ta imú bí ẹni tó sun súfúrù, súlífáìtì ló wà níbẹ̀, gáàsì tirẹ̀ náà sì ń mú omi láìmù ṣú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á kán ásíìdì lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á rí i pé ó hó, wọ́n á gbà pé kábọ́néètì ti tán. Nínú ìdajì gíráàmù àdàlù wa, kábọ́néètì tó wà níbẹ̀ nílò ásíìdì tó lé ní mílílítà kan ààbọ̀ kó tó lè tán. Ẹ̀kán mẹ́ta kò tó ìdá mẹ́wàá ìyẹn. Ẹ máa kán an lọ títí híhó á fi dúró, kẹ́ ẹ fi pépà lítímọ́ọ̀sì aláwọ̀ búlúù kan omi náà. Bí kò bá pọ́n, kábọ́néètì ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó bá pọ́n, ẹ fi omi díẹ̀ kún un kó tó mílílítà 10, kẹ́ ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ lórí iná, kí gáàsì tó kù bá ibẹ̀ lọ.

Ẹ wá kán báríọ̀mù náítíréètì sí i. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun wẹ́wẹ́ á jáde, ásíìdì kò sì ní lè yọ́ ọ. Sọ́féètì wà. Ẹ má tíì kúrò níbẹ̀, torí sọ́féètì tó bá kù lè bá sílífà di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tirẹ̀ bí omi náà bá ki. Ẹ jẹ́ kó rogún, kí òkè rẹ̀ mọ́, kẹ́ ẹ tún kán báríọ̀mù ẹyọ kan sí òkè mímọ́ yẹn. Bó bá tún ṣú, ẹ kán sí i. Ìgbà tí kò bá ṣú mọ́ ni sọ́féètì tán. Ẹ wá sẹ́ ẹ. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí kúná débi pé ó máa ń gba inú pépà asẹ́ kọjá, pàápàá bí ẹ bá sẹ́ ẹ ní tútù. Ẹ jẹ́ kó wà lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kẹ́ ẹ tó sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ ká pépà méjì pọ̀. Omi tó bá jáde gbọ́dọ̀ mọ́ kedere. Ẹ gbé e sí ìwájú ìwé tí wọ́n kọ nǹkan sí, kẹ́ ẹ kà á láti ẹ̀yìn túùbù. Bí ojú ìwé náà bá ṣú, ẹ tún un sẹ́, torí ohunkóhun tó bá ti ṣú kí sílífà tó dé, ẹ ò lè sọ pé sílífà ló ṣe é.

Omi mímọ́ yìí ni kẹ́ ẹ kán sílífà náítíréètì sí. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun tó ń ṣù jọ á jáde, oòrùn á sì sọ ọ́ di aláwọ̀ eérú tó fara pẹ́ àlùkò bó bá pẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀. Ẹ da amóníà tí kò le sí i: á yọ́ pátápátá. Ẹ da ásíìdì náítíríìkì padà sí i kó borí amóníà: á tún jáde. Kiloráìdì wà. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà bá ní àwọ̀ ìpara wàrà tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, tí amóníà yẹn ò sì yọ́ ọ dáadáa, ẹ má kọ kiloráìdì. Búróómáìdì tàbí áyódáìdì lẹ ń wò.

Ẹ wá ṣe gbogbo èyí lórí àdàlù tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín pò, èyí tí kò ní kiloráìdì. Omi ìkẹyìn gbọ́dọ̀ dúró kedere lẹ́yìn sílífà. Bó bá ṣì ṣú, omi tẹ́ ẹ ń lò ni kẹ́ ẹ fura sí. Omi ẹ̀rọ tí ń wá láti Asẹ́jirẹ́ tàbí Ẹlẹ́yẹlé, wọ́n ti fi kilorín sí i kó tó dé ilé yín, kàǹga náà sì máa ń ní kiloráìdì tirẹ̀. Ẹ bu mílílítà méjì omi náà nìkan, ẹ fi ásíìdì náítíríìkì díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ kán sílífà lé e. Bó bá ṣú, omi dísítíìlì lẹ nílò. Èyí tí wọ́n ń tà fún bátìrì ọkọ̀ ní Àràrọ̀mí ní Agodi lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra gidigidi: ásíìdì bátìrì náà ń bẹ ní ọjà kan náà, nínú ike tó jọra, ásíìdì sọ́fúríìkì sì ni. Ó lè bó ọwọ́ ọmọ, á sì mú kí sọ́féètì fara hàn nínú gbogbo iyọ̀ yín. Ẹ fi lítímọ́ọ̀sì àti báríọ̀mù dán ike kọ̀ọ̀kan wò kẹ́ ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo kọ yìí wà fún iyọ̀ tó ń yòrò nínú omi tàbí nínú ásíìdì náítíríìkì. Bí òjé bá wà nínú iyọ̀ yín, tàbí tí nǹkan kan bá kọ̀ láti yòrò, ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀, ẹ má fi èyí ṣe é. Iyọ̀ báríọ̀mù tó bá yòrò jẹ́ májèlé: kí ọmọ kankan má fi ẹnu fà á, ẹ má sì dà á sí gọ́tà, ẹ da sódíọ̀mù sọ́féètì sí ìyókù rẹ̀ kó di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kẹ́ ẹ tó kó o dànù. Omi sílífà tí amóníà wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú nínú túùbù, nítorí ó lè di ohun tó ń bú gbàmù. Ẹ da ásíìdì sí i lọ́jọ́ náà gan-an. Ìgò sílífà náítíréètì tẹ́ ẹ fẹ́ sọ nù yẹn, ẹ gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn, kẹ́ ẹ sì lò ó tán.