Ìṣirò àkókò ọ̀nà oko lásìkò òjò

“Láti Ìsẹ́yìn sí abúlé wa lápá Òkè-Ògùn jẹ́ kìlómítà 60, 20 nínú rẹ̀ kò lọ́dà. Máàpù orí fóònù ní kò ju wákàtí kan lọ púpọ̀. Oṣù kẹsàn-án la fẹ́ gbé káà lọ. Àkókò mélòó ni ká fi kún un?”

Ẹ gbé ti máàpù yẹn sílẹ̀, kò mọ̀ bóyá òjò rọ̀ lánàá. Ẹ má sì kàn sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, torí ibi tó burú kò gùn, àmọ́ òun ló ń jẹ àkókò. Ẹ gé ọ̀nà náà sí wẹ́wẹ́.

Kìlómítà 40 ọlọ́dà tó ní kòtò: ẹ fi eré 50 ṣírò, ìṣẹ́jú 48 nìyẹn. Ká ní 15 nínú ìyókù jẹ́ ilẹ̀ pupa líle, ẹ lè sá 30 lọ́gbẹlẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti tutù, 15 ni: wákàtí kan gbáko. Kìlómítà 4 tí ọkọ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ àti ti èédú ti gbẹ́ poro sí, eré 10, ìṣẹ́jú 24. Kìlómítà 1 ẹ̀bá àkùrọ̀, eré 5, ìṣẹ́jú 12. Odò méjì, ìṣẹ́jú 15 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ku ìṣẹ́jú 6 kó pé wákàtí 3. Ẹ fi wákàtí kan sí i fún ìdúró.

Odò ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù. Kò dìgbà tí òjò bá rọ̀ níbi tẹ́ ẹ wà kó tó kún. Tó bá ti rọ̀ lókè odò, omi á ya dé lójijì. Ẹ páàkì, kí ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀ wò ó. Tó bá ń sáré, tàbí tó ń gbé igi lọ, kí ẹnikẹ́ni má ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Tó bá rọlẹ̀, kó fi ọ̀pá wọn ojú ipa táyà méjèèjì, torí omi máa ń gbẹ́ ihò síbi tó ti ń jáde lábẹ́ kọ́fátì. Tó bá ju ìdajì táyà lọ, ẹ má kọjá. Ẹ gbé òkúta sí etí omi. Tí omi bá fà sẹ́yìn lára rẹ̀, ẹ ní sùúrù, odò kékeré sábà máa ń fà láàárín wákàtí díẹ̀. Tó bá ń bo òkúta, ẹ ṣẹ́rí padà.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sọ pé wọ́n ti tún ọ̀nà ṣe ló ń bí mi nínú jù. Wọ́n á fi katapílà fá a lọ́gbẹlẹ̀, wọn ò ní la gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fá a ló ń lọ sílẹ̀ ju ilẹ̀ oko lọ. Tójò bá dé, ojú ọ̀nà gan-an ló ń di gọ́tà. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ wọn ṣírò ohunkóhun.

Okùn, ṣọ́bìrì, pákó, ẹ̀yin náà mọ ìyẹn.

Ẹ má sì fi àkókò ọlọ́kadà ṣe ìwọ̀n. Orí ebè àárín poro ló ń gbà, káà kò lè gbabẹ̀. Awakọ̀ tó kó ẹrù wá láàárọ̀ ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ bi. Ọ̀sán sí alẹ́ ni òjò ibẹ̀ sábà máa ń rọ̀, nítorí náà ẹ gbéra láago 7 àárọ̀, kẹ́ ẹ sì kúrò lábúlé kí aago 1 ọ̀sán tó lù, kí ilẹ̀ má baà ṣú yín sí etí odò.