Orin ń já, ìtàn sì ti tú: bí a ṣe ń gé tírélà fíìmù kúkúrú

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹgbẹ́ eléré àdúgbò wa ti parí fíìmù ìṣẹ́jú 40 kan. A fi CapCut gé tírélà rẹ̀ láti inú àwọn ìran tó ti parí, ṣùgbọ́n orin ń já láàárín, àwọn tó wò ó sì ní àwọn ti mọ ibi tí ìtàn ń lọ. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ti orin ni ká kọ́kọ́ yanjú. Nínú ìran tó ti parí, ohùn àwọn òṣèré àti orin ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Bí ẹ bá gé ìṣẹ́jú-àáyá 3 níbí, tí ẹ gé 4 lọ́hùn-ún, ẹ ń gé orin náà sí wẹ́wẹ́ ni, etí á sì máa gbọ́ ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe ẹ́dítì fíìmù náà. Kó ṣí iṣẹ́ náà lórí ẹ̀rọ rẹ̀, kó pa ohùn ìlà tí orin wà, kó wá gbé àwọn ìran náà jáde lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Bí iṣẹ́ náà bá ti sọnù, ibi tí wọn ò fi orin sí nìkan ni kẹ́ ẹ ti mú ọ̀rọ̀. Àwòrán yòókù tí ẹ bá fẹ́ lò, ẹ pa ohùn rẹ̀ pátá.

Lẹ́yìn náà, ẹ má tíì wo àwòrán kankan. Etí ni mo máa ń kọ́kọ́ fi gé tírélà. Lọ́dún tó kọjá, mo gé ti fíìmù kan tí ọmọ ìyá méjì ti ń jà sí ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Mo dojú fóònù délẹ̀, mo ń gbọ́ fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì ń kọ gbólóhùn tó bá mú mi lọ́kàn sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú tó ti wáyé. Mo rí 11. Nígbà tí mo tò wọ́n tán, 4 péré ló kù. Ẹ̀gbọ́n ní, "Èmi ni bàbá fi ilé yìí lé lọ́wọ́." Àbúrò ní, "Bùọ̀dá, ìwé ilé dà?" Ìyá wọn ní, "Ẹ jẹ́ kí òkú ọ̀run sinmi." Àbúrò wá bèèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Màmá, kí ló wà nínú àpótí yẹn?" Ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ wọn tẹ̀ léra ti mọ ohun tí wọ́n ń jà sí, kò sì tíì mọ ìdáhùn.

Nínú fíìmù yẹn, ìṣẹ́jú 26 ni wọ́n ṣí àpótí. Ibẹ̀ ni mo fa ìlà sí, n ò sì mú ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó darí fíìmù náà fẹ́ ká fi ibi tí màmá ti ń sunkún kún un, torí òṣèré yẹn ṣe é dáadáa, lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n aṣọ dúdú ló wọ̀ níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n nìkan ló sì dúró tì í. Kò sẹ́ni tó máa wò ó tí kò ní mọ ẹni tó kú, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò lanu sọ̀rọ̀. Ẹ fi irú ojú yẹn wo àwòrán tiyín: aṣọ, ojú ọgbẹ́, ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí. Ó dá mi lójú pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló tú ìtàn yín.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dúró ni kẹ́ ẹ tó to àwòrán lé e. Kò pọn dandan kí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ máa hàn. Nígbà tí màmá ní kí òkú ọ̀run sinmi, ọwọ́ tó ń yí kọ́kọ́rọ́ nínú ilẹ̀kùn ni mo fi hàn. Orin kan ṣoṣo tí ẹ ní àṣẹ láti lò ni kó gbé gbogbo rẹ̀ dópin. Ẹ dín ohùn rẹ̀ kù lábẹ́ ọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì dá a dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 1 kí gbólóhùn ìkẹyìn tó wọlé. Fún fíìmù tó mọ báyìí, n kì í jẹ́ kí tírélà ju ìṣẹ́jú-àáyá 75 lọ, mo sì máa ń fi 6 tó gbẹ̀yìn sílẹ̀ fún orúkọ fíìmù, ọjọ́, aago àti ibi tí wọ́n ti máa wò ó. Ẹ ka ọ̀rọ̀ yẹn sókè lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ti lọ kẹ́ ẹ tó kà á tán, ẹ fi ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kún un.

Ẹ wá fi fóònù gbọ́ ọ láìki nǹkan kan bọ etí. Bí gbólóhùn kan bá rì sábẹ́ orin, orin ni kẹ́ ẹ tún dín kù, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ sókè títí ohùn á fi máa ya. Ẹ fi han ẹni tí kò mọ ìtàn náà rárá, kẹ́ ẹ bi í pé kí ni wọ́n ń jà sí, àti pé báwo ló ṣe parí. Bó bá dáhùn àkọ́kọ́, tó wá ń méfò ìkejì, ẹ gbé e jáde. Bó bá gba ìkejì náà, ẹ bi í pé àwòrán wo ló sọ fún un, kẹ́ ẹ sì yọ ọ́.