Páálí tí ẹ fi dí gíríìlì pálọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Klíìmù onígẹ́ẹ̀nì kan ṣoṣo ló ń fún gbogbo ilé wa ní Kétu ní afẹ́fẹ́: ọ̀pá ńlá inú àjà tí à ń pè ní gẹ́ẹ̀nì ló ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sí gíríìlì, ojú tó ń gbà jáde ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Pálọ̀ tutù bí inú fíríìjì, ṣùgbọ́n yàrá ìyá wa tó wà ní ìpẹ̀kun ilé gbóná bí ààrò. Firigorísìtì wa ti fi gáàsì kún un lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún ní ká fi páálí dí gíríìlì pálọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà lọ sẹ́yìn. Ó dára díẹ̀ fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà yìnyín bo ẹ̀rọ, omi sì ń kán láti inú àjà. Ṣé ká tún fi gáàsì kún un ni, àbí ká ra ẹ̀rọ tó tóbi jù ú lọ?

Ìdáhùn: Ẹ má fi gáàsì kún un, ẹ má sì tíì ra ohunkóhun. Ẹ yọ páálí yẹn lónìí. Bí yìnyín bá ṣì wà lára ẹ̀rọ, ẹ tẹ ibi tí wọ́n ya abẹ̀bẹ̀ sí lórí tẹlikọmáǹdì, kí fáànù nìkan máa yí títí yìnyín yóò fi yọ́ tán. Ó lè gbà tó wákàtí mélòó kan. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á o. Irin tó wà níbẹ̀ kò nípọn, ihò kékeré kan péré, gáàsì yín á lọ ní tòótọ́.

Ọ̀rọ̀ gáàsì ò gùn. Gáàsì kì í tán bí epo mọ́tò. Inú ọ̀pá tí wọ́n dì pa ló ti ń yí po, bó bá dín, á jẹ́ pé ibì kan ń jò. Bó bá sì dín, gbogbo ilé ni afẹ́fẹ́ ò ní tutù dáadáa, kì í ṣe yàrá kan. Pálọ̀ tó tutù bí fíríìjì ti jẹ́rìí pé gáàsì kọ́ ló gbé ooru sí yàrá ìyá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé lẹ́yìn ìgbà méjì tó ti kún un, ó ṣeé ṣe kó ti pọ̀ jù. Ìwọ̀n tó yẹ wà lára ẹ̀rọ, wọ́n kọ ọ́ sára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Kí ẹni tó ní òṣùwọ̀n gáàsì wá wò ó. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti onílé.

Páálí ni mo fẹ́ kí a jókòó lé lórí, nítorí pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Bí oòrùn bá ti mú báyìí, ní Àjàṣẹ́ títí dé Sábẹ̀ẹ, aṣọ, páálí àti ìrọ̀rí ni mo ń bá nínú gíríìlì àwọn ènìyàn.

Mo mọ ibi tí èrò náà ti wá. Bí ẹ̀rọ omi méjì bá wà lórí páìpù kan, tí ẹ ti ti iwájú, ti ẹ̀yìn á tú jáde dáadáa. Ó sì jọ òótọ́ níhìn-ín náà, ìdí nìyẹn tó fi dára fún ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n táńkì orí òkè ló ń ti omi, agbára rẹ̀ ò yẹ̀. Fáànù inú klíìmù ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀nà bá ti há mọ́ ọn, iye afẹ́fẹ́ tó lè gbé á wálẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́ tí ẹ fi páálí dá padà ní pálọ̀ kò kó ara rẹ̀ lọ sí yàrá ìyá. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ síbẹ̀, díẹ̀ gba ojú ìsopọ̀ gẹ́ẹ̀nì tí kò dì dáadáa jáde sábẹ́ páànù, èyí tó pọ̀ jù ni fáànù ò gbé rárá.

Níbẹ̀ ni yìnyín ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀pá tútù inú ẹ̀rọ nílò afẹ́fẹ́ gbígbóná ilé láti máa kọjá lára wọn, òun ni kò jẹ́ kí wọ́n tutù kọjá ààlà. Tí afẹ́fẹ́ bá kéré, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ òdo, omi inú afẹ́fẹ́ á sì dì mọ́ wọn lára. Yìnyín náà á tún dí ọ̀nà sí i, afẹ́fẹ́ á tún dín, títí yàrá ìyá ò fi ní rí nǹkan kan gbà mọ́. Ìgbà tó bá yọ́, omi rẹ̀ á pọ̀ ju ohun tí àwo ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ lè gbà lọ, á sì máa kán láti àjà. Èyí tó burú jù ni pé gáàsì tí kò rí ooru gbà á padà sí kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ gẹ́gẹ́ bí omi, ìyẹn sì lè pa kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀. Owó rẹ̀ kì í ṣe owó páálí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé kan tí mo ṣe lápá Wàǹdó, ní Àjàṣẹ́ níbí, ṣàlàyé. Ẹ̀rọ 24.000 BTU kan ló ń fún pálọ̀ àti yàrá mẹ́ta. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́ nǹkan bíi 1.200 mítà kúbù afẹ́fẹ́ ní wákàtí kan. Mo pín in gẹ́gẹ́ bí yàrá kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó àti bí oòrùn ṣe ń lù ú: 500 fún pálọ̀, 200 fún yàrá àlejò, 250 fún ti àwọn ọmọ, 250 fún yàrá ìpẹ̀kun. Mo wá fi anẹmọmẹ́tà wọn ohun tó ń jáde ní gíríìlì kọ̀ọ̀kan. Ohun èèlò kékeré ni, abẹ̀bẹ̀ kan ń yí nínú rẹ̀, ó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yára tó, ẹ sì máa sọ ìyára náà di púpọ̀ pẹ̀lú ìtóbi ojú gíríìlì. Ọwọ́ lásán ò lè ṣe é. Afẹ́fẹ́ tó tutù máa ń tan ọwọ́ jẹ.

Pálọ̀ ń gba 640, àlejò 230, àwọn ọmọ 220, yàrá ìpẹ̀kun 110. Ẹ ò rí i pé gbogbo rẹ̀ pé 1.200? Ẹ̀rọ náà tóbi tó. Kì í ṣe àìtó, pípín ni kò dáa. Bàbá onílé náà ti ń fi aṣọ dí pálọ̀, mo ní kó dí i lójú mi. Yàrá ìpẹ̀kun kúrò ní 110, ó di 155. Inú bàbá dùn. Mo wá ṣírò gbogbo rẹ̀ fún un: 790 péré ni ẹ̀rọ ń gbé jáde báyìí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó yẹ ló ti lọ. Ó torí 45 pàdánù 410.

Kí n tó fọwọ́ kan ohun mìíràn, mo fọ asẹ́, mo sì wọ orí àjà. (Ẹ pa iná láti dísójọ́títà kí ẹnikẹ́ni tó gòkè, ẹ má sì lọ lọ́sàn-án gangan, abẹ́ páànù lè gbé ènìyàn ṣubú.) Gẹ́ẹ̀nì rírọ̀ tó ń lọ sí yàrá ìpẹ̀kun gùn ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n ká a bí ìfun ẹran, igi kan sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láàárín. Irú gẹ́ẹ̀nì yìí gbọ́dọ̀ nà tán. Bó bá rún, inú rẹ̀ á di oníkókó, afẹ́fẹ́ á sì máa kọsẹ̀. Mo gé àjẹkù rẹ̀ dànù, mo nà án, mo gbé e kúrò lábẹ́ igi. Yàrá ìpẹ̀kun di 160 láìdí ohunkóhun! Ìyẹn ju èyí tí aṣọ bàbá ṣe lọ, pálọ̀ sì ń gba 610 síbẹ̀. Àlejò wá wà ní 225, àwọn ọmọ ní 210.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fólẹ̀ kàn. Fólẹ̀ ni irin pẹlẹbẹ tó ń yí nínú gẹ́ẹ̀nì, ọwọ́ rẹ̀ sì wà níta. Ibi tí ẹ̀ka gẹ́ẹ̀nì ti ya kúrò lára àpótí ẹ̀rọ ló yẹ kó wà, kì í ṣe lẹ́nu gíríìlì, torí bí ẹ bá fún ẹnu gíríìlì pọ̀, á máa súfèé sí yín létí lóru. Ilé yín lè má ní i. Ọ̀pọ̀ ni kò ní, wọ́n á fi kún un.

Gbogbo fólẹ̀ ni mo ṣí sílẹ̀ pátápátá, fáànù wà ní ipò tó yára jù. Mo wá wo ìpín tí yàrá kọ̀ọ̀kan rí gbà nínú ohun tó tọ́ sí i. Ìpẹ̀kun rí 64 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ọmọ 84, àlejò 112, pálọ̀ 122. Ẹni tó kéré jù, ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fólẹ̀ tirẹ̀, ṣíṣí ló máa wà títí. Ẹni tó tẹ̀ lé e ni ẹ máa dín, díẹ̀díẹ̀, títí ìpín àwọn méjèèjì á fi dọ́gba. Ẹ tún bọ́ sórí ẹni kẹta, kó bá wọn dọ́gba, kí pálọ̀ wá kẹ́yìn. Àṣírí rẹ̀ ni pé nígbà tí ẹ bá ń dín pálọ̀, gbogbo àwọn tí ẹ ti mú dọ́gba ń gòkè pọ̀, wọn ò ní tú ká mọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dín pálọ̀ á ṣe é títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nígbà tí mo parí, pálọ̀ ń gba 475, àlejò 190, àwọn ọmọ 235, ìpẹ̀kun 230. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1.130. Ó dín díẹ̀ torí fólẹ̀ náà ń dènà, ṣùgbọ́n kò sí yàrá tó jìnnà sí ohun tó tọ́ sí i ju ìdá mẹ́wàá lọ, mi ò sì wá ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé. Mo dè wọ́n pa, mo sàmì síbi tí ọwọ́ fólẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró. Pálọ̀ tí wọ́n ní ó ń mú òtútù jù kò mú òtútù mọ́, kò sì gbóná.

Mi ò tíì rí ilé yín o, nítorí náà mi ò lè búra pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tiyín á rí. Bí ẹ bá yọ páálí, tí ẹ fọ asẹ́, tí gbogbo gíríìlì ṣí, tí yìnyín ṣì tún wá, nígbà náà ni kí ẹ pe ẹni tó máa wá ibi tí gáàsì ń jò.

Ohun méjì wà tí fólẹ̀ ò lè wò sàn. Ẹ fi tẹmọmẹ́tà sí gíríìlì pálọ̀, kí ẹ sì tún fi sí ti ìyá. Bí pálọ̀ bá jẹ́ dígírì 14, tí ti ìyá jẹ́ 19 tàbí 20, a jẹ́ pé ọ̀nà ni afẹ́fẹ́ ti gbóná, lábẹ́ páànù yẹn. Gẹ́ẹ̀nì náà ti ya, tàbí ìbora rẹ̀ ti bọ́. Ẹ tún un dì kí ẹ tó wọn ohunkóhun.

Èkejì ni ilẹ̀kùn. Tí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà padà sínú ẹ̀rọ bá wà ní pálọ̀ nìkan, tí ìyá sì ń ti ilẹ̀kùn sùn, ibo ni èyí tó wọlé máa gbà jáde? Ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ wọn gíríìlì yàrá ìyá, kí ẹ sì ṣí i, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí ó bá fò sókè nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ẹ pe káfíńtà kó gé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn náà ní sẹ̀ǹtímítà méjì. Tí ìyá ò bá fẹ́ kí wọ́n gé ilẹ̀kùn òun, kí wọ́n fi gíríìlì kékeré sára ògiri, lókè ilẹ̀kùn.