Ìgbẹ́ adìyẹ àti tẹ̀tẹ̀: àbá wo ló ṣeé dán wò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo kọ ọ́ fún iṣẹ́ ìwádìí mi pé "ìgbẹ́ adìyẹ máa ń jẹ́ kí tẹ̀tẹ̀ dàgbà dáadáa." Olùkọ́ wa dá a padà, wọ́n ní kò ṣeé dán wò. Kí ló kù níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ìgbẹ́ tó pọ̀ tó báwo? Tútù ni àbí èyí tó ti jẹrà? Àwọn wọ̀nyí rọrùn. "Dàgbà" gan-an ló le. Rúlà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń mú, wọ́n á wọn gíga. Bẹ́ẹ̀ tẹ̀tẹ̀ tó wà lábẹ́ ìbòòji náà máa ń ga fíofío, igi rẹ̀ á tín-ín-rín, àwọ̀ ewé rẹ̀ á sì ṣí. Bó bá jẹ́ gíga nìkan lo wọ̀n, òun ni yóò borí. Èmi á gé tẹ̀tẹ̀ náà lójú ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn tí mo lọ́ ọ, kí n gbé e sórí òṣùwọ̀n láàárọ̀, kó tó rọ.

Àbá rẹ lè wá rí báyìí: "Bí a bá po gíráàmù 25 ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà tó sì gbẹ mọ́ kílò 5 erùpẹ̀, tẹ̀tẹ̀ inú rẹ̀ yóò wúwo ju èyí tí kò ní ìgbẹ́ lọ ní ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn tí a lọ́ ọ." Ohun tí o ń yí padà ni ìgbẹ́: 0 tàbí 25. Ohun tí o ń wọ̀n ni ìwúwo tẹ̀tẹ̀ tútù ní gíráàmù. Gbogbo ìyókù kò gbọdọ̀ yàtọ̀: erùpẹ̀ láti ojú kan náà, irúgbìn kan náà, iye omi kan náà, ike ọ̀dà kan náà tí a lu nídìí.

Má fi "nítorí pé ó ní náítírójìn" kún un. Òótọ́ ni pé ó ní in, ṣùgbọ́n ó tún ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ó sì ń di omi mú nínú erùpẹ̀. Òṣùwọ̀n rẹ kò lè sọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Lo ike 6 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Má to àwọn oníìgbẹ́ sápá kan. Bí ògiri bá ń ṣíji bo apá kejì, oòrùn lo ń dán wò yẹn. Pò wọ́n mọ́ra, kí o sì máa pààrọ̀ àyè wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Po ìgbẹ́ náà mọ́ erùpẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú kí o tó lọ́ tẹ̀tẹ̀ sí i. Bí etí ewé bá ń jó tàbí tí ọ̀gbìn kú láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìgbẹ́ náà kò tíì jẹrà tó.

Kí o tó gbin ohunkóhun, kọ èsì tí yóò já àbá rẹ nírọ́ sílẹ̀. Bí àwọn ike 6 tó ní ìgbẹ́ kò bá wúwo ju àwọn ìyókù, tàbí tí ìwúwo wọn wọnú ara wọn débi pé o ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, kọ ọ́ pé ìwádìí yìí kò ti àbá náà lẹ́yìn.