Kí o tó bi wọ́n, wò ó bóyá wọ́n rí i ṣí

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, láti ọjọ́ Ajé ni mo ti fi iṣẹ́ ìdánwò tí iléeṣẹ́ tí mo ti ń wáṣẹ́ ní kí n ṣe nílé ránṣẹ́. Orí GitHub ni mo gbé e sí, níkọ̀kọ̀. Ọjọ́bọ̀ rèé, ẹnikẹ́ni ò fèsì. Ṣé kí n kọ̀wé, àbí wọ́n á ní mò ń yọ wọ́n lẹ́nu?"

Kọ̀wé lónìí, àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ná mi níṣẹ́ rí.

Tàkíé, l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, ni mò ń gbé nígbà yẹn. Èmi náà fi iṣẹ́ mi sí ìkọ̀kọ̀, mo fi ìpè ránṣẹ́ sí ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, mo kọ ímeèlì pé mo ti parí, mo wá dákẹ́. Iná ò dúró lọ́sẹ̀ náà. Ilé aládùúgbò tó ní jẹnẹrétọ̀ ni mo ti ń gba iná sí fóònù, kí n lè máa yẹ ímeèlì wò. Ọjọ́ kejìlá ni mo tó bi wọ́n. Kò pé wákàtí kan tí èsì fi dé: "404 ni líǹkì yín ń gbé jáde. A rò pé ẹ ò ṣe é ni. A ti mú ẹlòmíràn."

Ẹni tí kò bá láyè wọlé, GitHub ò ní sọ fún un pé iṣẹ́ náà wà níkọ̀kọ̀. 404 ló máa rí, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá. Ìpè náà sì rèé, ọjọ́ méje péré ló ń lò. Ẹni tí mo pè ò tẹ̀ ẹ́ títí ọjọ́ fi pé.

Torí náà, ṣí iṣẹ́ rẹ, tẹ Settings, kí o tẹ Collaborators. Bí o bá rí Pending Invite lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn, wọn ò tíì wọlé nìyẹn. Fi ẹ̀dà kan sí Drive fún wọn. Má so zip mọ́ ímeèlì: bí fáìlì .js bá wà nínú rẹ̀, Gmail ò ní gbà á.

Lẹ́yìn náà, wọ inú fódà iṣẹ́ náà ní tẹ́mínà, kí o tẹ èyí:

```
git log -1 --oneline
```

Lẹ́tà àti nọ́ńbà kúkúrú tó máa kọ́kọ́ hàn ni àmì ẹ̀dà tó gbẹ̀yìn. Òun ló máa jẹ́ kí wọ́n mọ èyí tó o fi sílẹ̀ kí àkókò tó pé. Abẹ́ ímeèlì àkọ́kọ́ ni kí o ti fèsì, kí wọ́n lè rí ọjọ́ tó o kọ ọ́:

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo fi iṣẹ́ ìdánwò náà ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Àmì ẹ̀dà rẹ̀ ni 3f9c1ab. Mo rí i pé ẹ ò tíì tẹ ìpè GitHub, torí náà mo ti fi ẹ̀dà kan sí Drive, líǹkì rẹ̀ rèé. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ó ṣí fún yín? Kí ló kàn lẹ́yìn èyí, ìgbà wo sì ni kí n máa retí èsì?"

Má fi ọ̀rọ̀ owó oṣù kún un. Bí wọ́n bá dá ọjọ́ fún ọ, má tún bi wọ́n títí ọjọ́ náà fi kọjá. Bí wọn ò bá dáhùn rárá, tún kọ ẹyọ kan lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún.

Ṣùgbọ́n ti ìpè yẹn ni kí o kọ́kọ́ lọ wò. Bí ọjọ́ Ajé lo fi ránṣẹ́, Ajé tó ń bọ̀ ni ọjọ́ rẹ̀ máa pé.